Bí kílíníkì ṣe ń ṣírò owó oògùn ọdún tó ń bọ̀

Nínú ètò ìnáwó ọdún ní kílíníkì kékeré bíi ti Kúbwá tàbí Nyáńyá l'Ábújá, owó oṣù ló rọrùn jù láti kọ. Orúkọ òṣìṣẹ́ wà nílẹ̀, iye tí kálukú ń gbà wà nílẹ̀. Owó ẹni tí yóò dúró fún nọ́ọ̀sì tó bá lọ ìsinmi ìbímọ nìkan ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ìdí oògùn ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀pọ̀ máa ń wo iye tí wọ́n tà lọ́dún tó kọjá, wọ́n á bù díẹ̀ lé e, ó parí. Ìwé ọjà títà kò kúkú lè sọ iye aláìsàn tó wá tí kò bá oògùn. Ẹ jẹ́ ká mú oògùn ibà. Ká ní páálí 1,800 ló jáde lọ́dún tó kọjá. Bí a bá pín in sí oṣù 12, ó di 150 lóṣù. Ṣùgbọ́n káàdì tí wọ́n fi ń tọ́jú iye oògùn fi hàn pé kò sí ẹyọ kan nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi tà á, nítorí náà 200 ni wọ́n ń lò lóṣù, 2,400 lọ́dún. Tó bá sì jẹ́ àárín òjò ni oṣù mẹ́ta náà bọ́ sí, nígbà tí ẹ̀fọn ń gbilẹ̀, 2,400 gan-an ṣì lè kéré.

Wọ́n á fi 400 kún un, ìyẹn ti oṣù méjì, nítorí ìgbà tí ọjà bá pẹ́ kó tó dé. Bí 300 bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò ní kọjá kí wọ́n tó lò ó, 2,500 ni wọn yóò rà. Bí páálí kan bá jẹ́ 1,200 náírà, mílíọ̀nù 3 náírà nìyẹn.

Wàyí o, owó tó máa wọlé. Bí wọ́n bá ń tà á ní 1,500 náírà, ó rọrùn láti sọ 2,400 di mílíọ̀nù 3.6, kí wọ́n sì wá kó 600,000 "èrè" sórí owó oṣù. Ṣùgbọ́n ká ní 400 nínú rẹ̀ yóò lọ fún àwọn tó wà lábẹ́ ìdójútòfò ìlera. Iye kan ni wọ́n ń san fún kílíníkì lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ara ì báà yá, ara ì báà má yá, oògùn ibà sì ti wà nínú rẹ̀. Àyàfi ìpín kékeré tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè san, kò sí owó mìíràn lórí 400 yẹn. Iye orí ló yẹ kí wọ́n fi ṣírò owó ìdójútòfò, lójú ìlà tirẹ̀. 2,000 tó kù yóò mú mílíọ̀nù 3 wá: owó tó jáde ló padà yẹn, kò sí èrè níbẹ̀.

Dísù àti àtúnṣe ló máa ń jẹ ojú owó yìí. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 °C. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ń mu dísù, ẹni tó bá sì wà nídìí owó á bu owó oògùn fi rà á. Kò ní hàn lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ra oògùn míì ni yóò hàn, tí owó tó wà ní báǹkì kò bá lè ra iye páálí tí wọ́n rà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó oògùn fi ní láti ní àkáǹtì tirẹ̀, kí dísù àti àtúnṣe sì ní ìlà tiwọn láti oṣù kìíní.