Ọ̀rá Orí Tó Ń Padà Lọ́jọ́ Kejì: Ibi Tó Ti Ń Wá àti Ohun Tó Ń Dá Kún Un

Orí tí a fọ̀ ní alẹ́ Àbámẹ́ta, tí ó sì ti ń yọ̀ lọ́wọ́ ní alẹ́ Àìkú, lè jẹ́ pé inú awọ ni ọ̀rá náà ti ń sun jáde, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ni orí ló ń bù ú sí i. Ọ̀nà méjèèjì jọra lójú àti lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Ní Àgbádárìgì, níbi tí igi àgbọn ti pọ̀ létí òkun, tí ìgò òróró àgbọn sì wà nínú ilé púpọ̀, ọ̀nà kejì ló yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ló rọrùn jù láti dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọ̀rá tí awọ ń ṣe fúnra rẹ̀ máa ń wá láti inú àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò tí irun ti ń hù. Awọ orí àti awọ ojú ni àpò wọ̀nyí ti pọ̀ jù: ní ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú àti òró lọ, wọ́n lè tó 400 sí 900. Àwọn ohun tín-ín-tìn-ín tó para pọ̀ di àpò náà máa ń kún fún ọ̀rá díẹ̀díẹ̀, wọn a wú, wọn a sì bẹ́. Ohun tó tú jáde lára wọn ni ọ̀rá tó ń gba ihò irun jáde sórí awọ. Ìmúrasílẹ̀ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń gbà, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Họ́mọ̀nù tó ń sọ ọmọdé di bàlágà ló ń pàṣẹ bí àpò náà yóò ṣe tóbi tó àti bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Ìdí nìyí tí orí ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í fi í sábà yọ̀, tí ti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì lè máa dán kí ó tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé.

Láti inú èyí ni a ti lè dá èrò kan tó gbilẹ̀ gan-an lóhùn, pé bí a bá ń fọ orí lemọ́lemọ́, ṣe ni orí yóò máa mú ọ̀rá wá sí i láti fi rọ́pò èyí tí a fọ̀ kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò ọ̀rá kò ní ojú tó fi ń wo òkè awọ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá a fọ orí tàbí a kò fọ̀ ọ́. Ọ̀rá tó ń jáde lónìí ti wà lórí iná láti ọjọ́ pípẹ́ sẹ́yìn, kò sì sí bí omi àná ṣe lè pàṣẹ fún un. Ohun tí fífọ̀ àfọ̀jù lè bàjẹ́ ni irun fúnra rẹ̀, pàápàá irun tó lọ́ wínníwínní bíi tiwa, tó máa ń gbẹ tó sì máa ń ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ irun yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ awọ orí, pípa wọ́n pọ̀ sì ni ìpìlẹ̀ àṣìṣe púpọ̀.

Lórí irun tó gùn gbọọrọ, ọ̀rá máa ń tètè yọ̀ láti ìdí dé orí irun, gbogbo irun á sì wó lulẹ̀ pọ̀. Lórí irun tó lọ́, ọ̀nà náà kún fún kọ́nà, nítorí náà ọ̀rá a máa dúró sídìí irun nígbà tí òkè irun ṣì gbẹ bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ni irun bá wo òkè, ó rí i pé ó gbẹ, ó sì da òróró sí ìdí, ibi tí ọ̀rá ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ooru etí òkun àti òógùn sì ń bá wọn ṣe é, nítorí wọ́n ń mú kí ọ̀rá ṣàn, kí ó sì tàn káàkiri.

Òróró àgbọn kò burú fún irun. Ó wà lára àwọn òróró díẹ̀ tó lè wọ inú irun gan-an, tí ó sì ń dín bí irun ṣe ń bàjẹ́ nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́ kù. Àmọ́ ara okùn irun ni àǹfààní yìí wà. Lórí awọ, ọ̀rá ló jẹ́ lórí ọ̀rá. Nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ó ti ń yọ́, nítorí náà ní ọ̀sán Àgbádárìgì kì í dì rárá. Láti ojú pàlà irun dídì ni yóò ti ṣàn dé iwájú orí, dé ọrùn aṣọ, dé orí ìrọ̀rí.

Ìṣòro rẹ̀ kejì kò hàn sójú. Lórí awọ gbogbo àgbàlagbà ni ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ín kan wà, ẹ̀yà ìwúkàrà ni, Malasẹ́síà ni wọ́n ń pè é. Kò lè ṣe ọ̀rá fún ara rẹ̀, àfi kí ó jẹ ti ẹlòmíràn, débi pé òróró ólífì ni wọ́n máa ń fi kún oúnjẹ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sìn ín nínú yàrá àyẹ̀wò. Bí ó bá ti ń tú ọ̀rá orí palẹ̀ láti jẹ ẹ́, àwọn ìyókù tó ń fi sílẹ̀ máa ń ta àwọn awọ kan, orí a bẹ̀rẹ̀ sí í yún, awọ a sì máa ṣí ní ìpẹ́pẹ́ tó rí pupa rúsúrúsú tó sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí tó ń ṣí gbẹ ni, wọ́n á tún fi òróró sí i. Ìpẹ́pẹ́ ti orí gbígbẹ máa ń kéré, ó funfun, ó sì máa ń fò dànù bí ìyẹ̀fun. Èyí tó bá lẹ̀, tó sì ní ọ̀rá lára, kì í ṣe ti gbígbẹ.

Nínú àwọn nǹkan mìíràn tó ń dá kún un, fásẹ́líìnì àti àwọn ìpara irun tó nípọn tí a fi í pò kì í bọ́ Malasẹ́síà, ṣùgbọ́n fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í mú wọn kúrò; wọ́n a máa di ìpele lórí ìpele, eruku a sì lẹ̀ mọ́ wọn. Kọ̀ndíṣọ́nà tí a fi ra awọ orí náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí ṣe ni wọ́n pò ó kí ó lè lẹ̀ mọ́ irun, kí ó má sì bá omi lọ tán. Láti àárín irun sí òkè rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà. Òrí àti àdí wà ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú òróró àgbọn.

Kí á mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Àgbálátà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Irun dídì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń tú u láti fọ̀ ọ́, àràárọ̀ ló sì ń fi òróró àgbọn tọ ojú pàlà nítorí pé orí ń yún un. Ní ìrọ̀lẹ́, iwájú orí rẹ̀ a máa dán, ìrọ̀rí rẹ̀ sì ti ní àbàwọ́n. Láti mọ ibi tí ọ̀rá náà ti ń wá, ó tú irun náà ní alẹ́ Àbámẹ́ta, ó fi ṣampú fọ awọ orí lẹ́ẹ̀mejì. Fífọ̀ àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ hó, nítorí ọ̀rá ń pa ìhó. Èkejì hó dáadáa, ìyẹn sì ni àmì pé ọ̀rá ti lọ. Kò fi ohunkóhun sí awọ orí lẹ́yìn náà. Ní alẹ́ Àìkú, ó ya tíṣù funfun sí wẹ́wẹ́, ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ iwájú orí, àtàrí àti ìpàkọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá 10, ó sì gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé awọ rẹ̀ ló ń ṣe ọ̀rá àṣejù, ojú kan ní àtàrí ìbá ti hàn gbangba bí ìwé tí a fi di àkàrà, ti iwájú orí náà ìbá sì rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìyá kan náà ló bí wọn. Ohun tó rí ni àmì fẹ́ẹ́rẹ́ kan ní àtàrí, kò sì sí nǹkan kan ní ìpàkọ́. Ní Ọjọ́rú ni àmì àtàrí tó fẹ̀. Ó hàn gbangba pé ọ̀rá tirẹ̀ ń gba ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó kún ojú, àti pé èyí tó ń rí ní ojoojúmọ́ ti inú ìgò wá. Ìyún rẹ̀ kò lọ tán, nítorí náà ó lo ṣampú tó ní kẹtokonasóòlù, oògùn tó ń dín Malasẹ́síà kù, ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ń fi í sílẹ̀ lórí fún ìṣẹ́jú 5 kí ó tó ṣàn án. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ṣe pàtàkì, torí bí oògùn náà bá bá omi lọ lójú ẹsẹ̀, kò tíì ráyè ṣe iṣẹ́ kankan. Nígbà tí ó padà sí òróró àgbọn, òkè irun nìkan ló fi ń kàn.

Iye ìgbà tó yẹ kí á fọ orí dúró lórí ohun tí tíṣù bá sọ àti irú irun tó wà lórí. Ọkùnrin tó gé irun mọ́lẹ̀ lè fi ṣampú fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ kejì kejì láìsí ewu, nítorí kò sí irun gígùn tí yóò ṣẹ́. Irun gbọọrọ tó lọ́ràá náà lè gba fífọ̀ ojoojúmọ́. Fún irun tó lọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ó dára jù fún orí tó ń yọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pẹ́ jù. Ẹni tó di irun lè po ṣampú mọ́ omi nínú ìgò ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ó máa tọ́ ọ sí ojú pàlà, kí ó fi ìka rọra pa á, kí ó sì ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Kí ó rí i dájú pé ìdí irun gbẹ kí ó tó de gèlè tàbí wíìgì, nítorí ọ̀rinrin àti ooru abẹ́ aṣọ dùn mọ́ Malasẹ́síà púpọ̀.

Ọṣẹ dúdú ní ọ̀ràn tirẹ̀. Nínú omi kànga tàbí ti bohóòlù tó ní èròjà ilẹ̀ púpọ̀, ọṣẹ kì í hó dáadáa, ó máa ń di èérí tó lẹ̀ mọ́ orí, ọwọ́ á sì rò pé ọ̀rá ni. Ìdánwò rẹ̀ kò le: kí á gé ọṣẹ díẹ̀ sínú ìgò omi òjò àti sínú ìgò omi ilé, kí á mì wọ́n pọ̀. Bí ti òjò bá hó, tí ti ilé sì rú bí ògì, kí á fi omi òjò ṣàn orí nígbẹ̀yìn, tàbí kí á lo ṣampú, nítorí ṣampú kì í dì nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tí ọ̀ràn náà kọjá ti ṣampú. Bí ọ̀rá orí obìnrin bá ṣàdédé pọ̀, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí irun sì ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, họ́mọ̀nù ni kí dókítà yẹ̀ wò. Bí irun bá ń re dànù tí ó sì fi ojú àpá sílẹ̀, dókítà náà ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí orí ọmọdé tí kò tíì bàlágà ń ṣí ní róbótó róbótó, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ lápálápá, èyí tó nílò oògùn tí à ń gbé mì. Ṣampú nìkan kò lè wò ó sàn.