Bí ariwo owó lẹ́fì ṣe ń di mínítì ní mítìn lánlọ́ọ̀dù

Ẹni tó bá ti jókòó sí mítìn lánlọ́ọ̀dù ní Ikorodu rí, yálà ní Owutu ni o, ní Igbogbo ni o, tàbí ní Odogunyan, á mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó lẹ́fì báyìí, ibẹ̀ máa gbóná. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tó wá, ìkíni káàbọ̀ alága, gbogbo ìyẹn ò le láti kọ, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ibi tí iṣẹ́ wà ni bí akọ̀wé ṣe máa gbé ariwo wákàtí méjì, tí èèyàn mẹ́tàdínlógún sọ̀rọ̀, tí ẹni méjì mẹ́ta tún ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó máa wá sọ ọ́ di ojú ewé kan tí ẹni tí kò wá rárá lè kà kó sì mọ iye tóun máa san, ìgbà tóun máa san án, àti ibi tówó ń lọ.

Èrò kan wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, òun ni pé mínítì dà bíi rẹ́kọ́dà. Ẹ máa gbọ́ tí ẹnì kan á nàka sí akọ̀wé pé "Kọ ọ́ sílẹ̀ o, gbogbo ohun tí mo sọ pátá, má yọ ọ̀kankan!" Akọ̀wé tí ẹ̀rù bá bà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Bàbá yìí ní, Ìyá yẹn fèsì pé, Bàbá tún ní," títí ìwé á fi kún, tí wọ́n bá wá kà á ní mítìn tó tẹ̀lé e, ìjà oṣù tó kọjá á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti fẹnu kò.

Iṣẹ́ mínítì sún mọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń sẹ́ ògì. Àgbàdo tí wọ́n lọ̀ ni ariwo yẹn, gbogbo ẹ̀ ló ti oko wá, gbogbo ẹ̀ ló sì wà nínú igbá. Asẹ́ ló máa yà á. Èérí á dúró sókè, ewúrẹ́ ló ni ín: èébú, ìtàn bí wọ́n ṣe ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni mẹ́rin ti sọ tẹ́lẹ̀. Ògì á rọlẹ̀ sísàlẹ̀, ìyẹn ni ìpinnu. Àmọ́ omidùn wà lójú ẹ̀ tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ dà nù, torí wọ́n ń fi í rẹ àgbo. Omidùn yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fara mọ́ ìpinnu tó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ògì, kò sì yí ògì padà, ṣùgbọ́n ó lójú ìlò tiẹ̀. Ẹni tó bá sì fipá fún asẹ́ jù, èérí á bá ògì lọ, bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí akọ̀wé bá fẹ́ tẹ́ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́rùn. Ohun mìíràn ni pé wọn kì í fi ògì sílẹ̀ láìpààrọ̀ omi ẹ̀. Mínítì tí wọn ò kọ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ohun tí akọ̀wé rò ló máa kọ, kì í ṣe ohun tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àdúgbò kan ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ọgọ́ta (60) ló wà níbẹ̀, pílọ́ọ̀tì tí wọn ò tíì kọ́ jẹ́ ogún (20). Ilẹ̀ ibẹ̀ dagun, ilẹ̀ pupa ni, gbogbo omi òjò ń ṣàn wálẹ̀ síhà ọ̀sà, ó sì ti gbẹ́ ojú títì débi tí mọ́tò ò fi lè kọjá. Kọngílá ní kọ́fáàtì kan pẹ̀lú gíréédà tó máa tún títì náà ṣe máa gba ₦1,400,000, ó sì yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí òjò oṣù kẹfà tó dé, torí inú oṣù yẹn lòjò máa ń pọ̀ jù níbí.

Ẹni tó ni ilé nọ́ńbà 9 dìde, ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan san ₦20,000. Nọ́ńbà 31 kín in lẹ́yìn. Ni ilé bá dà rú. Ẹnì kan ní ilé oníyàrá méjì kò yẹ kó san iye kan náà pẹ̀lú ilé tó ní fúláàtì mẹ́fà. Ẹlòmíì láti òkè ní omi kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn, kí ló kan àwọn? Ìyá kan ní àwọn tó ra ilẹ̀ tí wọ́n wá fi koríko sílẹ̀ ńkọ́, ṣé títì yẹn ò ní sọ ilẹ̀ tiwọn náà di ọ̀wọ́n ni? Bàbá kan wá fìbínú pariwo pé, "Olè ni gbogbo yín, owó gétì ọdún tó kọjá dà?"

Ọwọ́ akọ̀wé ò gbọdọ̀ tẹ̀lé bí wọ́n ṣe ń dìde. Kókó ló ń tẹ̀lé. Èèyàn mẹ́tàdínlógún sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kókó mẹ́rin péré ló wà ńbẹ̀: bí ilé ṣe tóbi sí, ibi tí omi ń dé, pílọ́ọ̀tì òfìfo, àti ìṣirò owó gétì. Ìlà kan tàbí méjì ló tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ bàbá tó bínú yẹn ló gba ọgbọ́n jù. "Olè" ò ní wọ mínítì, torí èébú ni, àmọ́ ìbéèrè wà nínú èébú yẹn, ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́ sì ni ìbéèrè náà. Ohun tó máa wà lórí ìwé ni pé wọ́n béèrè ìṣirò owó gétì, akápò á sì mú un wá sí mítìn tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn rìsíìtì. Akọ̀wé tó bá torí pé bàbá yẹn pariwo kó yọ ìbéèrè ẹ̀ kúrò pátápátá ti ṣègbè, kódà tí kò bá ní in lọ́kàn.

Nọ́ńbà 22 wá dá àtúnṣe lé àbá náà, ó ní kí pílọ́ọ̀tì tí wọn ò tíì kọ́ san ìdajì, ìyẹn ₦10,000. Níbí ni ètò yìí ti gbọ́n gan-an. Àtúnṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń dìbò lé lórí, ẹ̀yìn ẹ̀ ni àbá fúnra ẹ̀, torí èèyàn ò lè sọ pé òun gba nǹkan tí kò tíì ní ojú tó dúró. Tí wọ́n bá dìbò lórí àbá lákọ̀ọ́kọ́, ₦1,200,000 ni wọ́n máa gbà wọlé, ₦200,000 á ṣì kù tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti máa wá. Pẹ̀lú àtúnṣe, ogún pílọ́ọ̀tì ní ₦10,000 dí ihò yẹn gẹ́lẹ́.

Ọ̀pọ̀ alága sì máa ń ṣe é ní "Ṣé ẹ gbà?" "A gbàááà!" kí wọ́n wá kọjá lọ. Ìyẹn dáa fún ọjọ́ mítìn tàbí àkókò àríyá, kò dáa fún owó. Ohùn tó ròkè jù ló ń wọlé níbẹ̀. Ọwọ́ ni kí wọ́n nà, kí wọ́n kà á. Èèyàn 41 ló kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà tí mítìn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò fi máa dé àwọn kan ti lọ, ó ku 33. Iye tó wà níjòókòó nígbà ìbò ni kí akọ̀wé kọ, òun náà sì ni wọ́n máa wò bóyá ó pé iye tí òfin ẹgbẹ́ béèrè kí ìpinnu tó lè dúró. Ó tún wúlò fún nǹkan mìíràn: tí àwọn tó gbà, àwọn tó kọ̀, àtàwọn tí kò dá sí i bá lé ní 33 tàbí tí wọn ò tó o, ẹnì kan ti ka ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ó fo ẹlòmíì, kí wọ́n tún un kà kí ẹnikẹ́ni tó dìde.

Báyìí ló ṣe máa wà nínú ìwé:

"Nọ́ńbà 9 dá a lábàá, nọ́ńbà 31 sì kín in lẹ́yìn, pé kí ilé kọ̀ọ̀kan san ₦20,000 sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ fún kọ́fáàtì àti gíréédà, ìdajì kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ìdajì tó kù kó tó di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún. Nọ́ńbà 22 ṣàtúnṣe pé kí pílọ́ọ̀tì tí wọn ò tíì kọ́ san ₦10,000 ní àkókò kan náà. Àtúnṣe: 19 gbà, 11 kọ̀, 3 ò dá sí i. Àbá pẹ̀lú àtúnṣe ẹ̀: 24 gbà, 7 kọ̀, 2 ò dá sí i. Nọ́ńbà 14 ní kí wọ́n kọ ọ́ pé òun ò fara mọ́ ọn, torí omi kì í dé ọ̀dọ̀ òun."

Ẹ wo bí wákàtí méjì ṣe kéré tó. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ kan ńbẹ̀ dáadáa: "ilé kọ̀ọ̀kan." Ká ní akọ̀wé kọ "onílé kọ̀ọ̀kan", tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kà kọjá láìfura, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ilé ọgọ́ta yẹn, èèyàn 52 ló ni wọ́n, torí àwọn kan ní méjì, ẹnì kan ní mẹ́ta. "Onílé" á mú ₦1,040,000 wá dípò ₦1,200,000. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ náírà, ìyẹn ₦160,000, ló máa sọnù sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì ní sí ẹni tó jí i. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí alága ní kí akọ̀wé ka àbá náà sókè bó ṣe kọ ọ́ gan-an, kí ọwọ́ tó dìde, kó má jẹ́ lẹ́yìn ìbò. Ìṣẹ́jú kan ni. Kò sí ìṣẹ́jú tó lérè tó o nínú gbogbo mítìn.

Ó wá ku mítìn tó tẹ̀lé e, níbi tí wọ́n ti máa ka mínítì kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Níbí ni àṣìlóye kejì ti ń wáyé. Ẹni tó ti kọ̀ lóṣù tó kọjá á sọ pé òun ò fọwọ́ sí mínítì yìí torí òun ò fara mọ́ owó náà. Àmọ́ owó kọ́ ni wọ́n ń bi í. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé, ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí? Nọ́ńbà 14 tó kọ̀ lè dá a lábàá kí wọ́n fọwọ́ sí mínítì, kò sì tíì yí ọkàn padà. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún owó náà gbé yẹ̀ wò, kó sọ fún akọ̀wé ṣáájú kó lè wọ ètò mítìn, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ náà lè gbọ́ kí wọ́n sì wá.

Ẹni tó ni ilé mẹ́ta dìde lọ́jọ́ yẹn, ó ní "onílé" lóun gbọ́, kì í ṣe "ilé". Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń bá wí. Akọ̀wé ṣí ìwé ráfù tó fi kọ ọ́ lójú mítìn, inkì tó ti tàn ká, ọ̀rọ̀ tó fa ìlà gba inú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà ńbẹ̀. "Ilé kọ̀ọ̀kan" ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó fi hàn pé ó kà á sókè kí wọ́n tó dìbò. Wọ́n bi nọ́ńbà 9 tó dá àbá, wọ́n bi nọ́ńbà 31, àwọn méjèèjì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi dúró bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe kan péré ni wọ́n ṣe, níbi tí akọ̀wé ti kọ 13 sí ipò 14: ó fa ìlà kan gba orí 13 tí èèyàn ṣì lè kà á, ó kọ 14 sókè ẹ̀, alága kọ lẹ́tà orúkọ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ sísàlẹ̀, ó kọ déètì. Wọ́n wá pe akápò síwájú pé kó mú ìṣirò owó gétì wá.