Orí XLR kò sọ wáyà gìtá di báláńsì

Ohun tí mo sábà máa ń bá ní ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn àríyá rèé: onígìtá wà lórí pèpéle, míksà wà lẹ́yìn pátápátá, wáyà tó so wọ́n pọ̀ sì gùn tó mítà 25. Ẹnì kan ti fi léèdì jó jáàkì mọ́ ẹnu kan, ó jó XLR, orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti máìkì, mọ́ ẹnu kejì, ó sì kì í bọ ihò máìkì. Gìtá ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, ariwo iná sì ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí XLR la lò, kí ló tún dé?"

Orí kọ́ ló ń mú wáyà báláńsì, ìyẹn kí ó lè pa ariwo ojú ọ̀nà rẹ́. Iye ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀ ni, àti irú ẹ̀rọ tó wà ní ìdí rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ tú wáyà gìtá wò. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé ohùn láàárín, àwọ̀n bàbà sì yí i ká. Àwọ̀n yẹn ni áàtì, òun náà sì ni ọ̀nà tí ohùn ń gbà padà. Ariwo tó bá ti ráàyè wọlé ti di ara ohùn nìyẹn, míksà ò lè yà wọ́n.

Ti máìkì yàtọ̀: wáyà méjì ló wà nínú àwọ̀n. Ẹsẹ̀ 1 lára XLR ni áàtì, ẹsẹ̀ 2 ń gbé ohùn, ẹsẹ̀ 3 ń gbé ohùn kan náà ní ìdàkejì: bí ti 2 bá ń lọ sókè, ti 3 ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo tó kọlù wọ́n lójú ọ̀nà ń wọ méjèèjì bákan náà. Míksà á yọ ti ẹsẹ̀ 3 kúrò nínú ti ẹsẹ̀ 2, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn á sì kù.

Jáàkì náà lè ṣe iṣẹ́ yìí bó bá ní òrùka dúdú méjì lọ́rùn dípò ẹyọ kan, torí ọ̀nà mẹ́ta ló ní. Bí ẹ bá kì í bọ gìtá lásán, kò sí ohun tó yí padà: ọ̀nà méjì péré ló ń jáde lára gìtá. Wáyà ìjọ yẹn náà ńkọ́? Ẹ ṣí orí XLR rẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n ti so ẹsẹ̀ 3 mọ́ ẹsẹ̀ 1. Kò sí ìdàkejì kankan tí míksà fẹ́ yọ.

Ti ohùn tó kú ló tún le jù. Píkọ̀pù tó ń gba ohùn okùn gìtá jẹ́ wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé lọ́pọ̀ ìgbà, agbára rẹ̀ kéré. Bí ìdènà iná píkọ̀pù bá jẹ́ 8 kΩ, tí ti ihò máìkì sì jẹ́ 2 kΩ, ìdá kan nínú márùn-ún ohùn ìsàlẹ̀ ló máa dé míksà. Ti ohùn òkè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ohùn ṣe ń ga ni píkọ̀pù ń ṣòro fún iná láti gbà kọjá. Ìdènà 1 MΩ, ìyẹn 1,000 kΩ, ni gìtá ń fẹ́ níwájú rẹ̀. Gígùn wáyà náà ń jẹ nínú ohùn òkè. Èmi kì í jẹ́ kí ti gìtá kọjá mítà 6.

Àpótí DI ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ onígìtá, ẹ fi wáyà jáàkì kúkúrú wọ inú rẹ̀, kí ẹ wá fi wáyà XLR gidi gba mítà 25 yẹn lọ sí ihò máìkì. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń di báláńsì. Fún gìtá tí kò lo bátìrì, ẹ ra èyí tó ń lo iná 48V láti ara míksà, torí òun ló ń fún gìtá ní 1 MΩ. Èyí tí kò lo iná rárá tó fún gìtá alábátìrì àti kíbọ́ọ̀dù. Bí ó bá ṣì ń kùn nítorí pé ẹ̀rọ orí pèpéle àti míksà wà lórí iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń gé áàtì wáyà ohùn lára àpótí náà. Ẹ má gé áàtì lára púlọ́ọ̀gì iná láé, ó lè pa onígìtá.

Ariwo tó ti wọ píkọ̀pù kí ó tó dé DI kò sí lára ohun tí báláńsì lè mú kúrò. Ẹ ní kí onígìtá máa yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìdúró. Bí kíkùn náà bá ń dínkù tó sì ń pọ̀ sí i bó ṣe ń yí, wáyà kọ́. Kí ó sún kúrò nítòsí àmúpù àti àwọn iná pèpéle.