Wa-fai kan, ìdílé mẹ́rin: báwo la ṣe ń pín in tí ò ní dìjà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ìdílé mẹ́rin la jọ wà nínú ọgbà kan n'Íbàdàn, a jọ ń dáwó dátà sórí ráútà 4G kan. Tí ilé kan bá ti ń wo fíìmù lálẹ́, WhatsApp ò ní ṣí fún àwa tó kù. A fi límíìtì sórí fóònù kọ̀ọ̀kan, kò ràn án. Kí la fẹ́ ṣe?

Ìdáhùn: Fóònù lẹ̀ ń kà, ilé ló yẹ kẹ́ ẹ máa kà. Àwọn fóònù ìsinsìnyí, láti Android 10 àti iOS 14 wá, kì í fi nọ́ńbà MAC wọn gangan, ìyẹn nọ́ńbà tí ráútà fi ń dá wọn mọ̀, hàn án mọ́, èyí tí wọ́n fúnra wọn hùmọ̀ ni wọ́n ń gbé síta, ẹni tẹ́ ẹ bá sì dí lọ́nà kàn lè lọ yí ti ẹ̀ padà nínú sẹ́tínǹsì, ó ti di àlejò tuntun lójú ráútà nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní kò sẹ́ni tó ṣe màgòmágó, ilé tó ní fóònù mẹ́sàn-án á gba ìpín mẹ́sàn-án, ìyá àgbà tó ń dá gbé á gba ẹyọ kan, iye kan náà sì ni wọ́n jọ dá o.

Nínú ọgbà tiwa, MikroTik hEX la rà, ráútà oníwáyà tó lè pín sípíìdì ni, ihò márùn-ún ló ní. Wáyà láti ara ráútà 4G wọ ihò àkọ́kọ́, ihò mẹ́rin tó kù, ilé kan ihò kan. Ilé kọ̀ọ̀kan wá ra ráútà kékeré tiẹ̀, wọ́n ki wáyà náà bọ ihò tí wọ́n kọ WAN sí. Ráútà kékeré yẹn á kó gbogbo fóònù inú ilé sẹ́yìn ara ẹ̀, kódà kí wọ́n pé ogún, àdírẹ́ẹ̀sì kan péré ni hEX máa rí. Tí wọ́n bá wá fún àna wọn ní pásíwọ́ọ̀dù, ìpín tiwọn ló ń jẹ.

Ẹ pa wa-fai ara ráútà 4G yẹn o! Àwa gbàgbé, ọmọkùnrin kan tó mọ pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ ń gba ibẹ̀ kọjá fún ọ̀sẹ̀ méjì, a wá ń bú hEX.

Ìbéèrè: Báwo wá ni kí n ṣe pín sípíìdì ọ̀hún?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ́n lálẹ́, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kì í ṣe láàárọ̀ tí ojú ọ̀nà dá. Tiwa ń gbé mẹ́gábíìtì 10 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 9 la sì kọ sínú hEX, torí tẹ́ ẹ bá kọ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lèrò á ti máa tò, hEX ò ní rí nǹkan kan pín.

Ẹ ṣí WinBox, áàpù tí wọ́n fi ń ṣètò hEX lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ IP > DHCP Server > Leases, ẹ tẹ Make Static fún ilé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fún wọn ní .11 dé .14. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí New Terminal nínú WinBox, kẹ́ ẹ tẹ èyí:

```
/ip firewall filter disable [find action=fasttrack-connection]
/queue simple
add name=gbogbo target=192.168.88.0/24 max-limit=2M/9M
add name=ile1 parent=gbogbo target=192.168.88.11/32 limit-at=500k/2M max-limit=2M/9M
```

Ẹ tún ìlà ìkẹyìn kọ fún ilé yòókù, kẹ́ ẹ máa yí `ile1` àti `.11` padà sí tiwọn. Nọ́ńbà tó ṣíwájú ni ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́, èkejì ni ohun tó ń wọlé. `limit-at` ni ìpín tẹ́nì kan ò lè fọwọ́ kàn, `max-limit` ni ibi tó lè na ọwọ́ dé nígbà táwọn tó kù bá ń sùn. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ kéèyàn kàn dá a sí mẹ́rin gbọnrangandan, ilé kan á máa fa 2 láago méjì òru, 7 á ṣòfò lásán. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má fò ó, tí FastTrack, ọ̀nà àbùjá inú hEX, bá ṣì wà, dátà á máa gba ẹ̀yìn kúwíù, ìyẹn àwọn ìlà ìpín tẹ́ ẹ kọ yẹn, kọjá, ẹ̀ẹ́ máa wò ó pé nǹkan ò yí padà.

Tó bá wá di alẹ́ kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já sí 5, 9 tẹ́ ẹ kọ ò wúlò mọ́, ẹ̀ẹ́ mọ̀ torí ilé kan á tún gbé gbogbo ẹ̀ mì. Ẹ sọ ọ́ di 4M, kí `limit-at` di 1M.

Ìbéèrè: Ṣé dátà náà á wá dọ́gba?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tó ń fa 2M fún wákàtí kan ti jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 900. Wákàtí mẹ́rin, ó lé ní gíìgì mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ ṣí kúwíù ilé kọ̀ọ̀kan, iye tó ti jẹ wà ní Statistics, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá múná lọ, òǹkà yẹn á padà sí òdo, nítorí náà alaalẹ́ là ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ilé tí ìpín oṣù ẹ̀ bá tán, a kì í já a, a kàn máa ń sọ `max-limit` ẹ̀ di 256k/512k, kí `limit-at` ẹ̀ sì di òdo. WhatsApp á ṣì wọlé, fíìmù ni ò ní lọ.