Bí a ṣe ń lu nọ́ńbà sí gbogbo ojú-ìwé nínú ìdìpọ̀ ẹ̀rí ilé-ẹjọ́

Tí agbẹjọ́rò bá ní kí ilé-ẹjọ́ ṣí ojú-ìwé 55, ojú-ìwé kan náà ló gbọ́dọ̀ wà níwájú adájọ́, agbẹjọ́rò kejì àti ẹlẹ́rìí. Nọ́ńbà tó ti wà lára ìwé tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí ìwé àdéhùn ní ojú-ìwé kẹta tirẹ̀, àkọsílẹ̀ báńkì náà sì ní tirẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lu nọ́ńbà mìíràn tó ń tẹ̀ léra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kì í padà sí 1 bí ẹ̀rí kan bá parí.

Ká ní ẹ̀rí A jẹ́ ojú-ìwé 12, B jẹ́ 40, C jẹ́ 7. A yóò gba 1 dé 12, B yóò gba 13 dé 52, C yóò gba 53 dé 59. Nínú Acrobat, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí PDF, `Bates Numbering` ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń lò ó ló máa sọ lẹ́tà tí yóò ṣíwájú, iye dígíìtì àti nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà lè wá rí báyìí: `ABC-000055`.

Kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ ka ìwé gidi. Bí ìwé bá jẹ́ 59 tí òǹtẹ̀ sì parí sí 58, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ tó ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà ti fa abala méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n tún wo ìsàlẹ̀ ojú-ìwé dáadáa: òǹtẹ̀ tó bo ìbuwọ́lù tàbí déètì mọ́lẹ̀ ti ba ẹ̀rí jẹ́. Wọ́n lè dín ìwọ̀n ohun tó wà lójú-ìwé kù díẹ̀ kí àyè lè wà fún òǹtẹ̀.

Ibi tó le jù ni ìgbà tí ìwé bá yọjú lẹ́yìn tí wọ́n ti há ìdìpọ̀ fún gbogbo èèyàn. Ká ní ojú-ìwé méjì tó yẹ kó tẹ̀lé 30 ló sọnù. Bí wọ́n bá tún gbogbo rẹ̀ lù, ìbuwọ́lù tó wà ní 55 yóò bọ́ sí 57, nígbà tí ìwé ìbúra tí wọ́n ti fi sílẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí 55. Ohun tó wà ní 55 tuntun ni ojú-ìwé àkọ́kọ́ nínú ẹ̀rí C! Mo gbà pé kò sí ìdí kankan tó tó láti ṣe bẹ́ẹ̀. 30A àti 30B ni kí wọ́n lù sí méjèèjì, kí wọ́n sì kọ wọ́n sínú ìwé atọ́ka.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìwé atọ́ka ojú-ìwé mẹ́ta tí kò ní òǹtẹ̀ níwájú lè da nǹkan rú. Ẹni tó bá tẹ 55 yóò bá ara rẹ̀ ní òǹtẹ̀ 52, kódà kí 30A tó wọlé. `Page Labels` ni wọ́n fi ń tún un ṣe, kí nọ́ńbà tí PDF ń kà lè bá ti orí òǹtẹ̀ mu.