Aago àti Òǹkà Ọ̀rọ̀ Nínú Àròkọ IELTS Orí Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo ń múra ìdánwò IELTS ti orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Bí mo bá ń dánra wò, ojú mi kì í kúrò lára aago àti iye ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ mi máa ń pé 250, síbẹ̀ àkókò á tán kí n tó kọ ìparí àròkọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Aago ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Wákàtí kan ṣoṣo ni wọ́n fún yín fún iṣẹ́ ìkọ̀wé méjèèjì: èkíní tí kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 150, àti èkejì, ìyẹn àròkọ gan-an, tí kò gbọdọ̀ dín ní 250. Wọ́n gbà yín nímọ̀ràn láti lo ìṣẹ́jú 20 fún èkíní àti 40 fún èkejì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní dá yín dúró bí 20 bá pé. Ẹni tó bá jókòó ti iṣẹ́ kìíní fún ìdajì wákàtí, àròkọ ló ń gba àkókò lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlọ́po méjì máàkì iṣẹ́ kìíní ni ti àròkọ. Nítorí náà, lójú tèmi, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá lórí kíbọ́ọ̀dù lè kọ́kọ́ kọ àròkọ, nítorí kò sí òfin tó ní kí a tò wọ́n tẹ̀léra.

Iye ìṣẹ́jú tó kù ni aago náà ń fi hàn, kì í ṣe iye tí ẹ ti lò. Ẹ so ó mọ́ òǹkà ọ̀rọ̀ ní ibi mélòó kan péré, kí ẹ má sì wo èyíkéyìí nínú méjèèjì láàárín ibẹ̀. Ká ní ẹ ń ronú bí ẹ ṣe ń tẹ̀, tí ẹ sì ń tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àròkọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú 40. Ẹ fi márùn-ún kọ èrò yín sórí ìwé pélébé tí wọ́n fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ nígbà tó ku 35. Bí ìfáàrà bá parí, òǹkà yóò wà ní nǹkan bí 45, aago ní 30. Ní òpin ìpínrọ̀ kejì, ó yẹ kí ẹ rí 140 pẹ̀lú ìṣẹ́jú 21. Ní òpin ìkẹta, 235 pẹ̀lú 11. Ìparí yóò gbé yín dé 270, ìṣẹ́jú mẹ́jọ á sì kù fún àtúnkà. Bí ẹ bá dé òpin ìpínrọ̀ kejì tí aago sì ti wà ní 16, ìpínrọ̀ kẹta ni kí ẹ gé kúrú, kì í ṣe ìparí.

Ìbéèrè: Ṣé bí òǹkà bá ti kọ 250, ọkàn mi lè balẹ̀ nípa gígùn rẹ̀?

Ìdáhùn: Kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ ni òǹkà ń kà, títí kan gbólóhùn tí ẹ bá dà kọ láti inú ìbéèrè ní odidi, bẹ́ẹ̀ olùyẹ̀wò kì í ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ yín. Ẹni tó kọ 255, tí 30 nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbéèrè, 225 ló kọ lójú olùyẹ̀wò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ 270 ju 250 lọ. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ òfìfo dí àlàfo náà. Ẹni tó pa `because` rẹ́ tó sì tẹ `due to the fact that` dípò rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ kan di márùn-ún, ṣùgbọ́n kò fi èrò kankan kún un. Bí ó bá ku ọ̀rọ̀ 20, àpẹẹrẹ kan nínú ìpínrọ̀ tó kúrú jù ni kí ẹ fi kún un.

Bí gbólóhùn kan bá wà níbi tí kò yẹ, ẹ fi `Ctrl+X` gé e, kí ẹ sì fi `Ctrl+V` lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà náà kì í fi ìlà pupa hàn lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣì tẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́jọ ìparí yẹn wà fún lẹ́tà `s` tó fò kúrò, lẹ́tà tó yípo, àti àlàfo tí ẹ gbàgbé lẹ́yìn àmì ìdánudúró. Bí àkókò bá tán, ojú ìwé á tì, ohun tó wà níbẹ̀ náà ni wọn yóò sì gbà. Nítorí náà bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta tí gbólóhùn kan ṣì wà láàbọ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì tẹ ìparí onígbólóhùn kan tó dáhùn ìbéèrè ní tààrà.