Ọgbà Tí Wọn Kò Rí Mọ Tán

Iṣẹ́ mi ni ìṣètò pápá fún àjọ̀dún orin. Tí mo bá dé pápá tuntun, ọ̀rọ̀ ọgbà ni mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè, kí n tó béèrè pèpéle. Ọjọ́ mélòó ló kù fún àwọn tó ń mọ ọgbà náà? Apá ibo ni ilẹ̀ ti ga débi pé èèyàn lè dúró síta, kó máa wo olórin lọ́fẹ̀ẹ́? Ohun tó kọ́ àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́kọ̀ọ́ náà ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, ní àjọ̀dún orin rọ́ọ̀kì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Woodstock.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni àwọn hípì kàn kóra jọ láti kọrin àlàáfíà. Òwò ni àwọn tó dá a sílẹ̀ bá wá. Mẹ́rin ni wọ́n: Michael Lang, Artie Kornfeld, Joel Rosenman àti John Roberts. Roberts ló lówó, ogún ló sì jẹ. Òun àti Rosenman ti polówó nínú ìwé ìròyìn rí pé ọ̀dọ́ tí owó wọn kò lópin ni àwọn, pé àwọn ń wá òwò tó mọ́yán lórí. Lang ní tirẹ̀ mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn hípì, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tó dá irun sí, tí wọn kò fẹ́ ogun Fíẹ́tínáàmù, tí wọn kò sì fẹ́ irú ayé tí àwọn òbí wọn ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìpolówó wọn fi ṣèlérí ọjọ́ mẹ́ta àlàáfíà àti orin. Dọ́là 18 ni tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹni tó bá tètè rà á, dọ́là 24 fún ẹni tó bá dúró dẹnu ọ̀nà. Àlàáfíà náà wà nínú ọjà tí wọ́n ń tà, mo sì gbà pé Lang nígbàgbọ́ nínú rẹ̀.

Oṣù keje ni nǹkan dojú rú. Ìlú Wallkill, níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀, kọ̀ fún wọn. Max Yasgur, àgbẹ̀ tó ń sin màlúù fún wàrà ní Bethel, ìpínlẹ̀ Niu Yọ́ọ̀kì, ló yá wọn ní ilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ náà dáa: ó tẹ̀ wọnú bí awo, èèyàn á jókòó sórí òkè, pèpéle á wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kan péré ló kù. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n rí i pé àkókò kò ní tó láti parí pèpéle àti ọgbà pọ̀. Wọ́n yan pèpéle. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dé tí kò rí nǹkan kan wò lè di ìjà.

Nígbà tí wọn yóò fi ronú kan ẹnu ọ̀nà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú pèpéle. Ẹni tó ti jókòó kò ṣeé sọ fún pé kó dìde, kó lọ san owó. Wọ́n bá kéde pé ọ̀fẹ́ ni. Tíkẹ́ẹ̀tì bíi 186,000 ni wọ́n ti tà. Àwọn tó wá lé ní 400,000.

Oúnjẹ tán. Àwọn hípì kan tí wọ́n ń pè ní Hog Farm, tí àwọn olùṣètò ti háyà, ń dáná fún ogunlọ́gọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Lálẹ́ Sátidé àjọ̀dún náà, àwọn aṣojú olórin kan ní àfi kí owó kọ́kọ́ wọlé kí àwọn olórin wọn tó gun pèpéle, ni ọ̀gá báńkì kan bá lọ ṣí báńkì lóru láti gba ṣẹ́ẹ̀kì jáde.

Nígbà tí ó parí, gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ló wà nílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kọ́ ló san án. Fíìmù tí wọ́n yà níbẹ̀, tó jáde ní 1970, àti àwo orin rẹ̀ ni wọ́n fi ń san án díẹ̀díẹ̀, fún bí ọdún mẹ́wàá.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Michael Eavis, tí òun náà ń sin màlúù fún wàrà, bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin Glastonbury ní 1970: pọ́n-ùn kan ni owó ìwọlé, wàrà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2000, tíkẹ́ẹ̀tì 100,000 ni wọ́n tà, ṣùgbọ́n àwọn tó fo ọgbà wọlé pọ̀ débi pé ọkàn àwọn aláṣẹ kò balẹ̀ mọ́. Wọn kò ṣe é ní 2001. Ní 2002 ni wọ́n padà dé pẹ̀lú ọgbà irin gíga tí kò ṣeé fò. Àwọn kan tó ti ń wá tipẹ́ bínú, wọ́n ní ẹ̀mí àtijọ́ ti kú. Mi ò bá wọn jiyàn, torí ohun kan sọnù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni tí àjọ aláàánú Oxfam kó wá, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ dípò owó tíkẹ́ẹ̀tì, àjọ̀dún náà sì ń san owó iṣẹ́ wọn fún Oxfam.